Oògùn Méjì, Ẹ̀rọ Ìlọta Kan: Bí Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ṣe Lè Pọ̀ Jù Nínú Ẹ̀jẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ ni a sábà máa ń sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ náà ni bí oògùn kan ṣe lè mú kí oògùn mìíràn pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni náà fi hóró kan kún èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú oògùn gbogbo ilé, ẹ̀yin náà lẹ sì ń kọ́kọ́ rí i bí ara ẹnì kan bá yí padà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́jà. Ẹ̀rọ kan ló wà ní ìsọ̀, gbogbo ènìyàn ń gbé igbá ata wọn wá. Bí ẹ bá ń gbé igbá kan wá ní alaalẹ́, tí ẹ̀rọ sì ń lọ̀ ọ́ tán kí alẹ́ ọjọ́ kejì tó dé, ata kò ní kún ilẹ̀ rárá. Ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde dọ́gba.

Inú ẹ̀dọ̀ wa ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Oògùn tí a gbé mì kì í dédé tán lára. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á lọ̀ ọ́, ara á wá fi ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dà á nù. Ẹ̀rọ inú ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n pọ̀, kálukú ló sì ní irú oògùn tó mọ̀ ọ́n lọ̀. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, CYP2D6 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sínú ìwé wọn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dà yín láàmú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀rọ ìlọta kan ni, àti pé oògùn púpọ̀ ló ń tò sí iwájú rẹ̀.

Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oníbàárà kan bá dé, tó gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ, tí kò sì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti dí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé igbá kan wá ní alaalẹ́ kò dẹ́kun àtigbé e wá. Igbá tàná kò tíì di lílọ̀, tòní ti dé. Tí ó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì, igbá ti kún ìsọ̀ dé ojú títì. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń dí ẹnu ẹ̀rọ báyìí. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, àwọn kan nínú àwọn tó ń dúró níta pẹ̀lú jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. A to ó jọ ni láti ara ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn aláìsàn, kí ẹ̀kọ́ lè yéni. Ẹ jẹ́ ká pe obìnrin náà ní Ìyá Aláṣọ.

Ìyá Aláṣọ jẹ́ ẹni ọdún 52. Ó ní àrùn àtọ̀gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń jó o lóru bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Dókítà tó ń wo àtọ̀gbẹ rẹ̀ fún un ní amitiriptilíìnì, èyí tí ẹ lè mọ̀ sí Larosíìlì. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tún ń lò ó fún ìrora iṣan, fún ẹ̀fọ́rí líle, àti fún ẹni tí kò rí oorun sùn. Hóró kan tó jẹ́ 25 mílígíráàmù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di hóró mẹ́ta lálẹ́, ìyẹn 75. Ẹsẹ̀ rọ̀ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ń gbẹ díẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ sọ́jà, ó ń tajà.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ọkọ rẹ̀ kú. Ìyá Aláṣọ kò jẹun mọ́, kò ṣí ìsọ̀ mọ́, ó ń sunkún láìdáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Dókítà ibẹ̀ rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ni, ó sì fún un ní fuluokisetíìnì 20 mílígíráàmù láràárọ̀. Ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n sí Pirósákì. Oògùn tó dára ni, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Dókítà bi í pé, “Ìyá, ṣé ẹ ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kankan?” Ó ní rárá. Kò purọ́. Lójú tirẹ̀, oògùn ẹsẹ̀ ni Larosíìlì.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnu rẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí iyán kò ṣeé gbé mì láìsí omi, kò sì yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń tòògbé lọ́sàn-án gangan. Bó bá dìde, ojú á ṣókùnkùn, á di ògiri mú. Ó ní àyà òun ń já bí ẹni tó sáré. Ó jókòó sí ilé ìtọ̀ títí, ìtọ̀ kò jáde. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú, ó sì ń ṣa nǹkan lára aṣọ, nǹkan tí ẹlòmíràn kò rí.

Ẹbí ní àìsàn ọpọlọ ló ń le sí i. Ẹnì kan ní ká lọ wo ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹlòmíràn ní ká fi hóró kan kún oògùn, bóyá ó kéré. Bí wọ́n bá ti fi kún un lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kí gìrì mú un, tàbí kí ọkàn rẹ̀ gbàgbé bó ṣe ń lù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ń lo Larosíìlì nìkan, ká ní ìwọ̀n oògùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 100. Ibi tí àwọn dókítà ń fẹ́ kó wà, tí a bá ń fi í wo ìrẹ̀wẹ̀sì, ni àárín 80 sí 200. Bó bá ti kọjá 300, yàrá àyẹ̀wò á fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí dókítà. Fuluokisetíìnì wá dé, ó jókòó sẹ́nu ẹ̀rọ. Larosíìlì ń wọlé lálẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kò rọ́nà jáde bíi tàtẹ̀yìnwá. Irú àpapọ̀ yìí lè sọ ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. 100 di 300. Hóró mẹ́ta ni Ìyá Aláṣọ ń gbé mì lálẹ́, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé hóró mẹ́sàn-án ló ń gbé mì.

Nígbà tí a bá ka ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àṣìṣe mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Ẹ̀yin náà lè ṣe é, torí náà ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe kìíní: wọ́n á wo hóró oògùn, wọ́n á ní kò pọ̀. Òótọ́ ni, 75 kò pọ̀ jù, 20 kò pọ̀ jù. Bí ẹ bá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tó wọ ẹnu nìkan ló ń pa ènìyàn lára. Iye tó kù sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀rọ inú ẹ̀dọ̀ pàápàá kò dọ́gba láàárín wa. Àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lọ́ra, tí oògùn kékeré á ti pọ̀ fún wọn. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ tó ń sáré gan-an. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ pé, “Èmi àti lágbájá jọ lò ó, kò ṣe òun ní nǹkan kan.” Ẹ̀rọ tirẹ̀ kọ́ ni tiyín.

Àṣìṣe kejì: wọ́n á wo ọjọ́ kìíní nìkan. A mọ̀ pé oògùn tí ara kò bá gbà lè mú kí ara yún tàbí kí ojú wú ní wákàtí kan náà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Igbá ata kì í kún ìsọ̀ lọ́jọ́ kan. Fuluokisetíìnì fúnra rẹ̀ ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ lára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Nítorí náà ìnira lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí gbogbo ilé ti gbàgbé pé oògùn tuntun wọlé. Bí ara ìyá yín, tàbí ara yín, bá yí padà, ẹ má bi í pé, “Kí lo jẹ lánàá?” nìkan. Ẹ bi í pé, “Oògùn wo ló wọlé láàárín oṣù méjì yìí?”

Àṣìṣe kẹta: wọ́n á rò pé tí a bá dá oògùn dúró lónìí, ọ̀rọ̀ tán lónìí. Fuluokisetíìnì kì í tètè kúrò lára. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá lọ̀ ọ́, ohun tó dà náà ń dí ẹnu ẹ̀rọ, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti gbé hóró ìkẹyìn mì, ó lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ẹnu ẹ̀rọ tó ṣí pátápátá. Ẹni tó dá Pirósákì dúró ní ọjọ́ Ajé, tó bẹ̀rẹ̀ Larosíìlì hóró mẹ́ta ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìjàm̀bá kan náà ló ń lọ pàdé.

Báwo ni ọ̀rọ̀ Ìyá Aláṣọ ṣe wá parí? Ọmọ rẹ̀ kò fi kún oògùn. Gbogbo oògùn tó wà nílé ló kó sínú àpò kan, pẹ̀lú páálí wọn, ó sì gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì da àpò náà sórí tábìlì. Páálí méjì tó jókòó síra wọn ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n fi rọ́bà fa ìtọ̀ tó há. Wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n rí i pé ó ń sáré, ìlù rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n dá Larosíìlì dúró lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ àti lẹ́yìn náà. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ohun tí wọ́n fi ń wọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àpò oògùn yẹn fi ṣe iyebíye. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í pé fún un láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn dókítà méjèèjì wá bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ lórí Pirósákì nìkan, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì náà ń fẹ́ ìtọ́jú, wọ́n sì wá ọ̀nà mìíràn fún ìrora ẹsẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, mi ò sọ pé kò sí dókítà tó lè fún ènìyàn ní méjèèjì pọ̀. Àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n á dín Larosíìlì kù gidigidi, wọ́n á sì máa ṣàyẹ̀wò ọkàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kọ́ ló ń dí ẹ̀rọ yìí bákan náà. Parokisetíìnì ń dí i gan-an bíi fuluokisetíìnì. Sẹtiralíìnì tí kò pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i. Torí náà dókítà tó bá mọ ohun tí ẹ ń lò lè yan èyí tó bá yín mu.

Oògùn kan wà tí mi ò lè ṣe kí n má dárúkọ rẹ̀ níwájú ẹ̀yin tó ń ru ẹrù. Tiramadọ́ọ̀lù ni. Ọ̀pọ̀ ló ń rà á lórí àtẹ nítorí ẹ̀yìn ríro. Òun náà ń gba inú ẹ̀rọ yìí kan náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Àgbàdo ni, kò tíì di ògì. Ẹ̀rọ ní láti lọ̀ ọ́ kó tó di ohun tó ń pa ìrora dáadáa. Bí Pirósákì bá ti dí ẹnu ẹ̀rọ, ìrora kò ní lọ bó ṣe yẹ. Obìnrin náà á ní hóró kan kò ràn án, á gbé méjì, á gbé mẹ́ta. Tiramadọ́ọ̀lù tí kò tíì di lílọ̀ á wá kún ẹ̀jẹ̀. Èyí tí kò di lílọ̀ yẹn àti Pirósákì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ọpọlọ, iṣẹ́ náà á sì pọ̀ jù. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n tàbí kó máa ta fúnra rẹ̀, òógùn á bo ẹni náà, ara á gbóná, kò ní lè jókòó sójú kan, gìrì sì lè gbé e. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì èyíkéyìí, ẹ má ra tiramadọ́ọ̀lù lórí àtẹ. Oògùn tí wọ́n bù fún yín láìsí páálí burú jù, nítorí kò sí ẹni tó lè ka orúkọ rẹ̀ nígbà tí wàhálà bá dé.

Oògùn ibà ńkọ́? Lumefantiríìnì, tó wà nínú oògùn ibà alápapọ̀ tí a ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta, lè dí ẹ̀rọ yìí díẹ̀, ó sì lè kan ìlù ọkàn bíi Larosíìlì. Ẹ má tìtorí èyí kọ oògùn ibà o. Ibà tí a kò wò ń pa ènìyàn. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ fún yín ní oògùn ibà pé, “Mò ń lo Larosíìlì.” Á mọ èyí tó máa yàn, tàbí ohun tó máa ṣọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó ń lo Larosíìlì bá gba oògùn mìíràn láìpẹ́, tí ẹnu rẹ̀ wá gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò rí ìgbẹ́ yà, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tó ń tòògbé lọ́sàn-án, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lọ bá apòògùn tàbí dókítà lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú gbogbo oògùn yín. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá há, tí àyà ń já kíkankíkan, tó dákú, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì mú un, tàbí tí ara gbóná tó sì ń gbọ̀n, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe òru. Ẹ sọ̀rọ̀ àpapọ̀ oògùn yìí kí ẹ tó wọlé tán, kí wọ́n má baà rò pé àìsàn ọpọlọ nìkan ni.

Ẹ má sì fúnra yín dá oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì dúró nílé nítorí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ara yín bá le, tí ẹ ń lo méjèèjì, ẹ lọ béèrè. Bí a bá já oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì lójijì, oorun lè sọnù, ara lè máa ṣàìsàn, ìbànújẹ́ náà sì lè padà wá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Ẹ wá àpò kékeré kan. Gbogbo páálí oògùn tí ẹ ń lò, ti ẹsẹ̀, ti oorun, ti ibà, ti ìbànújẹ́, títí kan èyí tí ẹ dá dúró láàárín oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ kó wọn sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà tàbí sí fámásì, ẹ gbé àpò náà dání, ẹ da á sórí tábìlì, ẹ sì bi wọ́n pé, “Ṣé èyí tuntun yìí kò ní jẹ́ kí èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ pọ̀ jù lára mi?” Bí wọ́n bá bi yín ní orúkọ oògùn, ẹ má sọ ohun tí ẹ ń lò ó fún. Páálí ni kí ẹ fi hàn wọ́n. Ìyá Aláṣọ rò pé oògùn ẹsẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wọ́.